"Dáadáa" kì í ṣe òfin: ìkéde ọwọ́ fífọ̀ àti aṣọ iṣẹ́

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n kọ ìkéde olójú ìwé kan sí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn wa lórí òfin tuntun nípa ọwọ́ fífọ̀ àti aṣọ iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ yé ẹni tó ń nulẹ̀ bó ṣe máa yé dókítà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú mi ti rí nǹkan lórí irú ìkéde yìí, torí náà ibi tó ń dunni jù ni mo máa kọ́kọ́ mú yín lọ.

Àwọn ọ̀gá máa gbé gbólóhùn kan lé yín lọ́wọ́, ó sì máa ń jọra níbi gbogbo: "Gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa fọ ọwọ́ wọn dáadáa nígbàkígbà tó bá yẹ." Ẹ má kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa ka ìyẹn tó máa rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. "Dáadáa" ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí "dáadáa" ti ẹni tó ń kó ìdọ̀tí, "nígbà tó bá yẹ" sì lè di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn. Ẹ fa ọ̀rọ̀ méjèèjì yọ. Ohun tí ẹ máa fi rọ́pò wọn ni ìgbà tí ojú lè rí àti ohun tí ọwọ́ máa ṣe.

Ìgbà yẹn ò ṣòro. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín in sí márùn-ún: kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn, kí ẹ tó ṣe iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, bí abẹ́rẹ́ tàbí egbò wíwẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, èébì tàbí omi ara mìíràn bá lè ti kàn yín, lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tàbí ohun tó wà láyìíká rẹ̀, bí ẹ ò tiẹ̀ fọwọ́ kan òun fúnra rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń gbàgbé ẹ̀karùn-ún yìí, torí ẹni tó kàn tún ìrọ̀rí ṣe ò ka ara rẹ̀ sí ẹni tó ṣe nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n márùn-ún yẹn ò sọ̀rọ̀ sí ẹni tó ń nulẹ̀. Kì í fún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́. Ẹ kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, lórí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an: "Tí ẹ bá ti bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó di ilẹ̀kùn mú." Wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: ó kó ìdọ̀tí tán, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa ìbọ̀wọ́ òsì yọ, ó wá fi ìka òsì tó ti wà níhòòhò fa ti ọ̀tún láti ìta. Ìdọ̀tí ti kan ìka yẹn. Ilẹ̀kùn ló kàn. Yàtọ̀ síyẹn, ìbọ̀wọ́ lè ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú ò rí. Torí náà, "mo wọ ìbọ̀wọ́" kì í gba ipò ọwọ́ fífọ̀, kí ẹ sì kọ ìyẹn síbẹ̀ ní gbólóhùn tirẹ̀.

Ó di orí ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti sanitáísà. "Ẹ lo ọṣẹ tàbí sanitáísà" ni wọ́n máa ní kí ẹ kọ. "Tàbí" yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́. Bí ọwọ́ bá mọ́ lójú, sanitáísà ọlọ́tí dára, ó tiẹ̀ yá ju omi lọ: kí ọtí inú rẹ̀ wà láàárín ìdá 60 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ bu ún kún àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ra gbogbo ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, títí yóò fi gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá nù ún kúrò kó tó gbẹ ti fi ṣòfò. Ẹni tó sì fi sí ọwọ́ tó tutù ti fi omi là á, ọtí náà ò lágbára mọ́.

Àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ tàbí ẹrẹ̀ bá wà lọ́wọ́, ọtí ò lè wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó sì tún ní ibi tí ọwọ́ á ti mọ́ lójú tí sanitáísà ò sì ní tó: lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣu gbuuru. Irú kòkòrò àrùn kan wà níbẹ̀ tó máa ń di bí irúgbìn, tí á wọnú èèpo líle lọ jókòó. Ọtí kì í pa á bó bá ti wà nínú èèpo yẹn. Nórófáírọ́ọ̀sì, tí òun náà ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, ń ta ko ọtí ju ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì lọ. Ọṣẹ náà ò pa kòkòrò inú èèpo yẹn o. Fífi ọwọ́ ra ọwọ́ ló ń ṣí i nípò, omi tó ń ṣàn ló ń gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí abọ́ omi tí gbogbo èèyàn ń ti ọwọ́ bọ̀ kò fi wúlò. Ohun tí ẹ máa kọ ni:

"Tí ẹ bá rí ìdọ̀tí tàbí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ yín, tí ẹ bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀, tàbí tí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn tó ń ṣu gbuuru, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí ẹ lò. Ní ìgbà yòókù, ẹ lè lo sanitáísà."

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ pé kí èèyàn ṣe méjèèjì tẹ̀ léra. Àwọn ọ̀mọ̀ràn kan máa ń rò pé tó bá di méjì, ó dára ní ìlọ́po méjì. Awọ ló ń bó. Tí ọwọ́ bá ti sán, ọtí á máa ta á bí ata, ẹni yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Omi gbígbóná náà ń bó awọ, kò sì dìídì mú kí ọwọ́ mọ́ jù. Omi tútù tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó.

Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ gan-an, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: omi, ọṣẹ, ẹ ra á, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, gbogbo rẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé. Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń fò ni àtàǹpàkò àti ṣóńṣó ìka, bẹ́ẹ̀ ṣóńṣó ìka ló ń kan aláìsàn. Kí àwòrán méjèèjì yẹn tóbi ju ìyókù lọ.

Aṣọ wá kàn. "Kí aṣọ bójú mu" tún ni tiwọn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú aláìsàn, kò gbọ́dọ̀ sí ohunkóhun láti ìgbọ̀nwọ́ yín dé ìka: kò sí ọwọ́ aṣọ gígùn, kò sí aago, kò sí ẹ̀gbà. Òrùka ìgbéyàwó tí kò ní òkúta nìkan la gbà." Kí ẹ sọ ìdí rẹ̀, torí òfin tí kò nídìí ni wọ́n máa ń jà lé lórí. Ìdí náà ni pé ẹni tó wọ aago ò lè fọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ aṣọ tó gùn á sì rẹ, á máa wọ́ láti ara ẹnì kan sára ẹlòmíì. Ẹ má kọ ọ́ pé ọwọ́ aṣọ gígùn ló ń pa aláìsàn. Ẹ̀rí ìyẹn ò lágbára, dókítà tó bá mọ̀ á sì fi ìyẹn nìkan ta gbogbo ìkéde yín nù. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ní kó bo apá ńkọ́? Ẹ kọ tirẹ̀ kó tó di ìjà: kó ká ọwọ́ aṣọ sókè kó dúró dáadáa nígbà tó bá fẹ́ fọwọ́ àti nígbà tó bá ń tọ́jú aláìsàn, kó sọ ọ́ sílẹ̀ tó bá ṣe tán. Èékánná kò gbọ́dọ̀ gùn kọjá ìdajì sẹ̀ǹtímítà, àlẹ̀mọ́ ò sì sí rárá, torí kòkòrò ń fi abẹ́ rẹ̀ ṣelé.

Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá ta sí, ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé relé, kí ó wà nínú àpò tirẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá wà, kí omi gbóná dé ìwọ̀n 60 lórí Sẹ́líṣíọ̀sì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n má sì kó aṣọ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, torí omi ò ní ráyè wọ àárín aṣọ. Ẹni tó ń fi ọwọ́ fọ̀ kò lè ti ọwọ́ bọ omi tó gbóná tó yẹn, kí ẹ má pàṣẹ ohun tí kò ṣeé ṣe: kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó ṣàn án, kó gbẹ porogodo, kó sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́. Ẹ wá bi ọ̀gá yín: aṣọ mélòó lẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ẹni tó ń wọṣẹ́ lójoojúmọ́ nílò mẹ́ta, ọ̀kan lára, ọ̀kan lórí okùn, ọ̀kan nílẹ̀. Aṣọ kan ṣoṣo pẹ̀lú "aṣọ mímọ́ lójoojúmọ́" kì í ṣe òfin, ìrẹ́jẹ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sanitáísà. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ṣe ìṣirò yìí níwájú wọn. Mílílítà 3 lẹ́ẹ̀kan, òṣìṣẹ́ 10 ní wọ́ọ̀dù kan, ká ní ìgbà 30 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́: mílílítà 900 nìyẹn. Ó ku díẹ̀ kó pé lítà kan, lójoojúmọ́, ní wọ́ọ̀dù kan péré. Tí ìgò lítà kan bá ń lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣọ́ ọ lò, wọn ò lò ó ni. Ìgò ọṣẹ olómi ńkọ́? Ẹ má gbà kí wọ́n máa da tuntun lé àjẹkù. Kòkòrò ń pọ̀ sí i nínú àjẹkù yẹn, ọṣẹ fúnra rẹ̀ á wá di ẹ̀gbin. Kí ìgò tán, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí wọ́n tó tún bu sí i.

Àṣé ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ bi mí. Ẹ má fi ìkíni àti "àwọn aláṣẹ fẹ́ fi tó yín létí" ṣòfò. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kó jẹ́ ọjọ́ àti ohun tó yí padà: "Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹ máa bọ́ aago, ẹ máa ká ọwọ́ aṣọ kọjá ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn." Gbólóhùn kejì: "Tí ọṣẹ, omi tàbí sanitáísà bá tán, ẹ pe nọ́ńbà yìí," kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹni tó lè gbé e wá lọ́jọ́ náà.