Ìdí tí erin fi ń ju etí, tó sì ń da ẹrọ̀fọ̀ sára

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí erin kì í yéé ju etí, àti pé tó bá wẹ̀ tán, kí ló tún ń da eruku àti ẹrọ̀fọ̀ sára ẹ̀ fún? Ṣé inú ló ń bí i ni?

Ooru ló ń bá jà o. Erin ò ń làágùn bíi tiwa, ìtòsí èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń jáde, ara tó wá rí gbàǹgbà bẹ́ẹ̀, ooru inú ẹ̀ kì í tètè rọ́nà jáde rárá.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀yìn etí yẹn nítòsí, awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, iṣan ẹ̀jẹ̀ ta jáde lára ẹ̀, wọ́n pín káàkiri bíi gbòǹgbò igi. Tí ooru bá ti mú un, àwọn iṣan yẹn á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná á ya wá síbẹ̀, bó ṣe ń ju etí, atẹ́gùn á máa gbé ooru yẹn lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ti tutù díẹ̀ á wá padà sínú ara. Ẹ̀jẹ̀ inú etí gan-an ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí, kì í ṣe ojú ẹ̀. Tí atẹ́gùn bá tiẹ̀ ń fẹ́ dáadáa, nígbà míì ó lè kàn na etí méjèèjì síta kó dúró jẹ́ẹ́.

Àmọ́ etí ò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe. Ara erin máa ń wà ní bíi dígírì 36. Tí ìta bá wà ní 25, kò sí wàhálà, ooru á máa kúrò lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán gangan tí ìta gbóná dé 40, afẹ́fẹ́ ti gbóná ju ẹ̀jẹ̀ lọ nìyẹn, kó ju etí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ooru ló máa kó wọlé. Omi nìkan ló lè gbà á nígbà yẹn, torí pé bí omi bá ṣe ń gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ.

Omi lásán kì í pẹ́ gbẹ ṣá, ìdí nìyẹn tó fi ń wá ẹrọ̀fọ̀. Ara erin Áfíríkà kún fún ìlà wẹ́wẹ́ tó sán káàkiri, ìwádìí kan tó jáde ní 2018 fi hàn pé awọ yẹn ń gba omi dúró ní ìlọ́po 5 sí 10 ju awọ tó dán lọ. Omi àti ẹrọ̀fọ̀ á há sínú ìlà yẹn, wọ́n á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Eruku tó ń dà lé e lórí á lẹ̀ mọ́ ara tútù yẹn, kò ní jẹ́ kí oòrùn jó o, kò sì ní jẹ́ kí kòkòrò rí ara ẹ̀ jẹ, torí awọ yẹn nípọn lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó ń mọ̀ tí eṣinṣin bá bù ú jẹ. Tó bá gbẹ tán, á lọ fi ara ha igi, eégbọn á sì bá a já bọ́.

Ní ti ìbínú, tó bá ń ju etí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ igi, ooru ni. Tó bá kọjú sí yín, tó gbé orí sókè, tó wá na etí méjèèjì gbọọrọ láì jù ú, ìkìlọ̀ nìyẹn, ẹ rọra fà sẹ́yìn.