Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ mẹ́jọ kì í ṣe ìkólòlò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ìyá mi ti ń ta àdìrẹ. Wọ́n fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ lórí Wásáàpù pé kí n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún oníbàárà wọn kan. Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: “Ẹ̀n, bá mi sọ fún wọn pé, pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ yẹn, a ti, a ti rẹ ẹ́. Mẹ́wàá ni, rárá o, méjìlá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ mẹ́jọ ni. Kí wọ́n wá lọ́jọ́bọ̀, òjò yìí náà, ṣé o rí i, lọ́jọ́ Ẹtì. Àbúrò wọn ló máa wá gbé e.” Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ́kọ́ fọ Yorùbá rẹ̀ mọ́.

“Ẹ̀n”, “pé, pé”, “a ti, a ti” àti “ṣé o rí i”, ẹ yọ wọ́n dànù. Mẹ́wàá náà á lọ, torí “rárá o” ti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan “mẹ́jọ mẹ́jọ”. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á rò pé ahọ́n ló kọ́, wọ́n á yọ ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan aṣọ ni ìyá yín ń dá owó lé. Méjìlá lọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ jẹ́ ₦96,000. Bí ẹ bá yọ mẹ́jọ kan, oníbàárà lè kà á pé ₦8,000 ni gbogbo ẹrù. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ tún ohùn náà gbọ́. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ á dánu dúró díẹ̀ kó tó tún un pè, ṣùgbọ́n mẹ́jọ mẹ́jọ máa ń já lura ni.

Ti ọjọ́ ṣòro jù. Kò sí “rárá” láàárín Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Èmi rò pé òjò ló sún un síwájú, torí aṣọ tí a rẹ nílò oòrùn, ṣùgbọ́n èrò tèmi nìyẹn. Ẹ pè wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lú bóyá ọkùnrin ni àbúrò yẹn tàbí obìnrin, torí Yorùbá ò bìkítà, Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́ mọ̀.

“Wọn” yẹn ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ni, ọ̀wọ̀ ni ìyá yín fi bù fún un. Bí ẹ bá tú u bí ẹni ń sọ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, oníbàárà á máa wá àwọn yòókù kiri. Ẹ dojú ọ̀rọ̀ kọ òun gan-an.

Ká ní ìyá yín ní Ẹtì ni, tí àbúrò sì jẹ́ obìnrin, ohun tí ẹ máa tú nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. A ti rẹ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yín. Méjìlá ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí òjò, ọjọ́ Ẹtì ni kí àbúrò yín obìnrin wá gbé e.”

Mi ò ṣírò ₦96,000 sínú rẹ̀, torí ìyá yín ò sọ ọ́. Bóyá wọ́n fẹ́ dín in kù fún un. Ẹ ka èyí sí wọn létí lórí fóònù kí ẹ tó tú u.