Ibi tí "ni" ń lọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oníméjì lédè Lárúbáwá

"Wọ́n kọ́ wa pé 'kitaabaani' ni ìwé méjì. Àmọ́ mo tún ń rí 'kitaabayni', 'kitaabaa' àti 'kitaabayi'. Èwo ló tọ́ nínú wọn, kí ló sì dé tí 'ni' fi ń sọnù?"

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tọ́. Ohun méjì ló ń yí ìparí ọ̀rọ̀ náà padà, ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti bá ṣiṣẹ́ láàmú ni pé wọ́n ń fẹ́ dáhùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: iṣẹ́ wo ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣe nínú gbólóhùn? Bó bá jẹ́ olùwà, tàbí ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí olùwà jẹ́, "aa" ni: "haazaani kitaabaani", ìwé méjì nìwọ̀nyí. Bó bá jẹ́ àbọ̀, tàbí tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ atọ́kùn bíi "fii", "ay" ni: "wajadtu kitaabayni", mo rí ìwé méjì. Fún ọ̀rọ̀ oníméjì, àbọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé atọ́kùn kò yàtọ̀ síra, nítorí náà ohùn méjì péré lẹ ní láti yàn láàárín wọn.

Ìbéèrè kejì: ṣé ẹni tó ni ín tẹ̀ lé e? Bí ìwé Muusaa náà ló ṣe rí, ohun tí a ní ló ń ṣáájú, olóhun a tẹ̀ lé e. Níbẹ̀ ni núùnù ti ń kúrò, tòun ti "i" tó wà lórí rẹ̀. "Haazaani kitaabaa Muusaa." "Wajadtu kitaabay Muusaa." Ẹ wò ó pé "aa" àti "ay" kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Núùnù nìkan ló lọ.

Bí olóhun bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "al", bíi "al-waladi", "ay" á gba "i" kékeré kí ahọ́n lè kọjá: "kitaabayi l-waladi". Ibẹ̀ ni "kitaabayi" tiyín ti wá. "Kitaabaa" ló léwu jù níbẹ̀, torí pé níwájú "al", "aa" máa ń kúrú lẹ́nu. Ẹni tó ń gbọ́ "kitaaba l-waladi" kò ní mọ̀ bóyá ìwé kan tó jẹ́ àbọ̀ ni, àbí ìwé méjì tó jẹ́ olùwà. Lórí ìwé, álífù á fi hàn yín. Létí, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó kù nínú gbólóhùn náà.

Bí olóhun bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, òfin kan náà ni: "kitaabaahu" fún olùwà, "kitaabayhi" fún àbọ̀. "Hu" di "hi" nítorí "y" tó ṣáájú rẹ̀. Tèmi ló máa ń ṣòro jù. Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀, "sayyaara", ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ ṣí "ta" tó wà ní ìparí rẹ̀: "sayyaarataani". Ẹ yọ núùnù, ẹ fi "ya" sí i: "sayyaarataaya", ọkọ̀ mi méjèèjì, bó bá jẹ́ olùwà. Bó bá jẹ́ àbọ̀, "ay" àti "ya" á pàdé, yáà méjèèjì á sì wọnú ara wọn: "sayyaaratayya". Ẹ ti ń ka irú rẹ̀ nínú àdúà fún òbí yín méjèèjì: "wa li-waalidayya". Ẹni tó bá pè é ní "waalidii" ti sọ ọ́ di bàbá nìkan.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn tó ti mọ òfin yìí dáadáa máa ń ṣe: wọ́n á yọ núùnù lára ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe pẹ̀lú. Rárá o. Ọ̀rọ̀ tí olóhun tẹ̀ lé nìkan ló ń pàdánù rẹ̀. "Kitaabaa Muusaa l-jadiidaani", ìwé Muusaa tuntun méjèèjì: tàkọ́kọ́ kò ní i, tìkẹyìn ní i. Suuratul Maaida ẹsẹ̀ 64 fi méjèèjì sójú kan: "bal yadaahu mabsuutataani".

Ọ̀rọ̀-ìṣe kò níí ṣe pẹ̀lú olóhun, àmọ́ núùnù tirẹ̀ náà ń kúrò, ìdí rẹ̀ ló yàtọ̀. "Yaktubaani", àwọn méjèèjì ń kọ̀wé, á di "lam yaktubaa", wọn ò kọ̀wé, nítorí "lam". "Lan" náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe wà: bó bá ṣáájú olùwà, ẹyọ ni yóò wà, "kataba l-waladaani". Bó bá tẹ̀ lé e ni yóò tó gba méjì, "al-waladaani katabaa".

Nínú ìwé tí kò ní àmì ohùn, "muslimayni" (Mùsùlùmí méjì) àti "muslimiina" (Mùsùlùmí púpọ̀) kò yàtọ̀ nínú lẹ́tà. Ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó bá a lọ kí ẹ tó pè é. Bí àmì bá wà, ohùn orí núùnù ló máa sọ ọ́: "ni" ni méjì, "na" ni púpọ̀.