Ya àkáǹtì sọ́tọ̀ lónìí, jẹ́ kí ìwé CAC dúró de àkókò rẹ̀

*Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ń ṣe iṣẹ́ gíráfíìkì fún ara mi ní Ìbàdàn, ó ti lé lọ́dún kan. Owó iṣẹ́ àti owó ilé, inú àkáǹtì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Ìgbà wo ló yẹ kí n lọ gba ìwé CAC? Ìgbà wo ló sì yẹ kí n ya àkáǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀? Àwọn kan ní kí n jẹ́ kí owó pọ̀ ná.*

Àbúrò, ọ̀rọ̀ méjì lo so pọ̀ yẹn, wọn ò sì ní ọjọ́ kan náà. Ti àkáǹtì, òní ni. Ti CAC ní àmì tí wàá fi mọ̀ pé ó ti yá, bí owó ṣe pọ̀ tó kọ́ sì ni àmì ọ̀hún.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró ni pé wọ́n gbọ́ pé báǹkì kì í ṣí àkáǹtì òwò fún ẹni tí kò ní ìwé. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé orúkọ òwò lo fẹ́ kó wà lórí àkáǹtì náà. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o má ṣí àkáǹtì kejì ní orúkọ ara rẹ? Ohun tí èmi lò fún ìgbà pípẹ́ kí n tó forúkọ sílẹ̀ nìyẹn: àkáǹtì ìfowópamọ́ lásán ní báǹkì mìíràn, mi ò gba káàdì rẹ̀ rárá, kí ọwọ́ má baà máa yá mi. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni mo ń fún àwọn oníbàárà. Owó dátà, epo jẹ́nẹ́rétọ̀ àti owó àwọn atẹ̀wé, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Tí oṣù bá parí, mo máa ń fi iye kan pàtó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ilé, màá sì kọ "owó oṣù" síbi àlàyé. Tí ilé bá nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé oúnjẹ ilé la máa dín kù, torí owó atẹ̀wé kì í ṣe tiwa.

Ìdí tí mo fi ní òní ni owó-orí. Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 kì í gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀lé ìyẹn, ìdá 18. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé báǹkì yóò máa yọ owó-orí lára gbogbo àláàtì, ẹ jọ̀ọ́, àhesọ ni. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá kọ iye tó wọlé fún ọ fún àjọ owó-orí ìpínlẹ̀ rẹ, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá. Èrè ni wọ́n ń bu owó-orí lé, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti fi ìyàtọ̀ àárín méjèèjì hàn.

Jẹ́ ká fi ẹnì kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ ṣe àpẹẹrẹ. ₦6,000,000 wọ àkáǹtì rẹ̀ lọ́dún kan. ₦2,000,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn atẹ̀wé. Oníbàárà san án mọ́ owó fúláyà, ó sì ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ wọn. ₦700,000 jẹ́ àjọ tó kó nígbà tó kàn án, àti owó símẹ́ǹtì tí màmá rẹ̀ fi ránṣẹ́ pé kó bá òun rà. Dátà, epo àti sọ́fítíwíà jẹ ₦900,000. Èrè rẹ̀ gan-an kò ju ₦2,400,000 lọ. Yọ ₦800,000 kúrò, ó ku ₦1,600,000, ìdá 15 rẹ̀ sì jẹ́ ₦240,000.

Tí àkáǹtì rẹ̀ bá wá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tí kò lè tọ́ka sí èyí tó jẹ́ àjọ àti èyí tó jẹ́ ti atẹ̀wé, mílíọ̀nù mẹ́fà ni òṣìṣẹ́ owó-orí máa rí. Owó-orí lórí ìyẹn jẹ́ ₦330,000 pẹ̀lú ₦540,000, àpapọ̀ ₦870,000. Tí àkáǹtì bá jẹ́ méjì, àjọ àti owó símẹ́ǹtì kò ní dé ti iṣẹ́ rárá, sítétímẹ́ǹtì ti iṣẹ́ yóò sì fi hàn bí owó atẹ̀wé ṣe wọlé tó sì jáde. Ṣáà máa gba rìsíìtì lọ́wọ́ atẹ̀wé, torí sítétímẹ́ǹtì nìkan kò tó.

Ó wá ku CAC. Àmì àkọ́kọ́ ni orúkọ tí o ń lò. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 kò fi dandan lé e fún ẹni tó ń fi orúkọ àbísọ àti orúkọ bàbá rẹ̀ nìkan ṣòwò. Tí o bá ti fi ohunkóhun kún un, bíi "Dísáìnì" tàbí "Stúdíò," dandan ni kí o fi orúkọ náà sílẹ̀.

Àmì kejì ni irú oníbàárà tó ń wá. Ẹni tó fẹ́ káàdì ìgbéyàwó kò ní béèrè ìwé. Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka ìṣirò owó yóò béèrè. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi tán, wọ́n wá ní orúkọ orí ínfọ́ísì mi kò bá ti orí àkáǹtì mu, owó mi sì jókòó sọ́dọ̀ wọn títí mo fi kọ ínfọ́ísì mìíràn ní orúkọ ara mi. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ tún máa ń yọ owó-orí díẹ̀ kúrò kí wọ́n tó san ìyókù, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì ni wọ́n máa yọ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní nọ́ńbà owó-orí. Gba ìwé ẹ̀rí ohun tí wọ́n bá yọ, torí wàá yọ ọ́ nínú tìrẹ tó bá di ìparí ọdún. Tí irú oníbàárà yìí bá ti di méjì, lọ forúkọ sílẹ̀.

Orúkọ òwò nìkan ti tó ọ. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé kò dáàbò bo ohun ìní rẹ: gbèsè òwò, gbèsè tìrẹ ni. Tó bá jẹ́ pé àṣìṣe kan nínú iṣẹ́ rẹ lè mú kí wọ́n gbé ọ lọ sílé ẹjọ́ fún owó tó ju agbára rẹ lọ, tàbí tí ẹlòmíràn fẹ́ fi owó dòwò pẹ̀lú rẹ, nígbà náà ni kí o ronú nípa ilé-iṣẹ́ tó dá dúró lábẹ́ òfin. Ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ ìwé rẹ̀ pọ̀, owó inú rẹ̀ kì í sì í ṣe tìrẹ mọ́ láti máa fà yọ bó bá ṣe wù ọ́.

Orúkọ òwò náà ní iṣẹ́ ọdọọdún tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ọdún tí o forúkọ sílẹ̀, o ní ìròyìn ọdún láti fi ránṣẹ́ sí CAC kí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà tó kọjá. Ẹni tó bá gbàgbé lè rí INACTIVE lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òwò rẹ̀ lójú-òpó wọn, ibẹ̀ sì ni báǹkì àti oníbàárà ti ń yẹ̀ ọ́ wò.

Tó bá jẹ́ aṣojú lo fẹ́ kó bá ọ ṣe é, rí i pé ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tìrẹ ló kọ sínú fọ́ọ̀mù, kì í ṣe tirẹ̀. Mo mọ ẹni tí aṣojú rẹ̀ kó lọ sí òkè òkun, tí kò sì rí ọ̀nà wọlé sórí orúkọ òwò ara rẹ̀ mọ́. Tí ìwé bá dé, ṣí àkáǹtì ní orúkọ òwò, kí o sì máa kọ nọ́ńbà tuntun yẹn sórí ínfọ́ísì, ṣùgbọ́n má tíì ti àkáǹtì àtijọ́ pa, torí àwọn oníbàárà tó ti fi nọ́ńbà yẹn pamọ́ sórí fóònù wọn yóò ṣì máa fi owó ránṣẹ́ síbẹ̀.