Àtúnṣe wo ló yẹ kí n tó ta ilé?

Ìbéèrè: Ayálégbé mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nílé mi n'Íbàdàn, mo sì fẹ́ tà á. Ṣé kí n tún gbogbo rẹ̀ kùn ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí àbàwọ́n omi bá wà lára àjà, ẹ dí ibi tí páànù ti ń jò, kí ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i, kí ẹ tó pààrọ̀ àjà tó bàjẹ́. Ọ̀dà tí ẹ bá kùn lé ọ̀rinrin lórí yóò wú, yóò sì máa bó, olùrà á sì fura pé ẹ fẹ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jó àti ẹ̀rọ omi tó ń kán kò gbówó púpọ̀. Ẹ tún wọn ṣe. Ẹ fi ilé ìdáná àtijọ́ sílẹ̀, torí olùrà lè fẹ́ ṣe é bó ṣe wù ú.

Ní ti ọ̀dà, ẹ bi ejẹ́ǹtì ní iye méjì: bí ilé ṣe wà, àti bí ẹ bá kùn ún. Ká ní kíkùn á ná yín ní ₦600,000, tí iye ilé á sì fi ₦400,000 péré lé sí i, ẹ gbá ilé mọ́, kí ẹ tà á bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé àtijọ́ tí olùrà fẹ́ wó torí ilẹ̀ rẹ̀, ẹ má ra ọ̀dà rárá.