Bíbélì kíkà àti oríkì nínú ìwé ètò ìsìnkú bàbá ìjọ

“Bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ bàbá ìjọ ní ilé ìjọsìn Áńgílíkà, ti sùn nínú Olúwa ní ẹni ọdún 87. Èmi ni ẹbí ní kí n ṣètò ìwé ìsìnkú. Bíbélì kíkà wo àti ewì wo ni ó yẹ kí n yàn?”

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, kí Olúwa tu gbogbo ẹbí nínú. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá fíkà yín kí ẹ gba ìlànà ìsìn, nítorí pé ìwé àdúrà ti yan púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀rọ̀ Jòhánù 11:25 tí àlùfáà máa ń kà bí wọ́n bá ń gbé òkú wọlé, Orin Dáfídì 39 tàbí 90, àti 1 Kọ́ríńtì 15 láti ẹsẹ 20 títí dé òpin. Fún bàbá ẹni ọdún 87, Orin Dáfídì 90 ni kí ẹ mú, nítorí pé ẹsẹ kẹwàá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àádọ́rin àti ọgọ́rin ọdún. Bí wọ́n bá fún ẹbí láyè láti yan ẹ̀kọ́ kan sí i, 2 Tímótì 4:6-8 ni mo fara mọ́ jù fún ẹni tí ó sin ìjọ dàgbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti Oníwàásù 12 sí yín lọ́wọ́ bí àìsàn bá ti bàbá mọ́lé kí wọ́n tó lọ, nítorí pé ojú tó ń ṣókùnkùn àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni àwọn ẹsẹ yẹn ń ṣàpèjúwe, ìyá tó tọ́jú wọn yóò sì jókòó síwájú níbẹ̀.

Nígbà tí àwa náà ń sìnkú bàbá tiwa, níbi ewì ni ojú wa ti rí màbo. Ọmọ Ìkòyí ni bàbá wa, oríkì orílẹ̀ wọn ni a sì fi ṣe ewì, pàápàá ibi tí wọ́n ti ń sọ pé Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọfà lẹ́yìn, àyà ni wọ́n fi ń gbà á. A fi í sí ojú ewé tó kọjú sí 2 Tímótì 4, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé òun ti ja ìjà rere, kí ẹni tó bá ṣí ìwé náà lè rí i pé jagunjagun kan náà ni ilé àti ìjọ ń kí. Akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì ìjọ gba ìwé náà lọ́wọ́ wa, ó fi í pamọ́ sínú àpótí tábìlì rẹ̀, ìgbà tí ìtẹ̀wé kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ó tó dá a padà, tí ó ti fi bírò pupa fa gbogbo oríkì náà nù pé ọ̀rọ̀ kèfèrí ni. Kò bi wá ní ìbéèrè kan, bẹ́ẹ̀ ni kò fi han fíkà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti ń kọ́ bí yóò ṣe ké e, sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́, inú sì ń bí mi sí i títí di òní. Ìgbà tí a gbé e tọ fíkà fúnra wọn lọ, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, ìlà méjì péré tí ó mẹ́nu kan ìbọ ni wọ́n ní kí a yọ, wọ́n sì ní kí ìyókù wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba akọ̀wé gbọ́. Fíkà ni kí ẹ fún ní oríkì náà lọ́wọ́, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n bí wọ́n ti ń kà á.

Àgbà ilé tó mọ oríkì yín ni kí ẹ ní kó pè é, kí ẹ máa kọ ọ́. Oríkì tí a rí he lórí ẹ̀rọ ayélujára máa ń da ìdílé kan pọ̀ mọ́ òmíràn, àwọn àgbà yóò sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ìlà bíi méjìlá sí ogún, kí ẹ sì fi orúkọ àti iṣẹ́ bàbá nínú ìjọ kún ìparí rẹ̀. Ewì Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ pé ikú kì í ṣe nǹkan kan, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn atẹ̀wé náà nìyẹn o! Tiwa tẹ Orin Dáfídì láìsí àmì kankan lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ó ní ẹ̀rọ òun kò gbà á. Irọ́ ni. Ẹ fi irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Charis SIL tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, kí ẹ fún un ní PDF, kí ẹ sì béèrè ẹ̀dà kan lórí bébà kí ó tó tẹ ìyókù. Inú Bíbélì tí wọ́n ń kà ní ilé ìjọsìn yín gan-an ni kí ẹ ti ṣe àdàkọ Orin Dáfídì náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú ti àtijọ́ àti ti tuntun yàtọ̀, ohùn ìjọ yóò sì dàrú bí wọ́n bá ń kà á pọ̀. Ìwé tí wọ́n fi pín-ìn-nì dè láàárín máa ń ní ojú ewé mẹ́rin-mẹ́rin, bíi méjìlá tàbí mẹ́rìndínlógún. Bí tiyín bá jẹ́ mẹ́rìnlá, ojú ewé méjì yóò ṣófo, ẹ lè fi Orin Dáfídì 71:17-18 sí ọ̀kan, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ ẹbí.