Dìréélà tó wọ inú sípóòkù: ohun tí fọ́tò kan kò lè sọ

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Dìréélà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi wọ inú sípóòkù, ó sì kán. Jíà méje ló wà lẹ́yìn. Fọ́tò rẹ̀ nìyí, láti ẹ̀gbẹ́. Irú wo ni, kí sì ni kí n sọ fún àwọn tó ń tà á kí wọ́n má bàa gbé òmíràn fún mi?"

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Nǹkan mẹ́ta ni mo rí nínú fọ́tò rẹ. Irin pẹlẹbẹ kan tó dà bí ìkọ́ ló gbé dìréélà yẹn, ìyẹn ohun tó ń sún ṣéènì láti jíà kan sí òmíràn, nọ́ọ̀tì wíìlì ẹ̀yìn ló sì fún irin náà mọ́ férémù. Jíà tó tóbi jù lẹ́yìn ju èyí tó tẹ̀lé e lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ àwọn yòókù ń tóbi sí i díẹ̀díẹ̀ ni. Apá ìsàlẹ̀ tó gbé wíìlì wẹẹrẹ méjì tí ṣéènì ń gbà kọjá sì gùn. Nítorí náà, dìréélà ẹ̀yìn fún jíà méje, alápá gígùn, tó ní irin ìkọ́ tirẹ̀ lára, ni kí o béèrè. Nínú ti Ṣimánò, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, RD-TY300 wà nínú irú ìyẹn. Wọ́n ń ṣe èyí tó ní ìkọ́ àti èyí tí kò ní, nítorí náà bí o bá sọ nọ́ńbà, sọ ìkọ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú fọ́tò yẹn tó fi lífà hàn mí, ìyẹn ohun tí o fi ń yí jíà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti jẹ mí níyà.

Tèmi náà wọ sípóòkù bíi tìrẹ. Jíà mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, RD-M591 ni wọ́n sì tẹ̀ sẹ́yìn dìréélà tó kán. Mo fi fọ́tò àti nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí, wo fọ́tò náà, ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, pé èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tiẹ̀ dára jù. RD-M610 ló gbé fún mi. Bí o bá fi ojú wò wọ́n, ọmọ ìyá ni wọ́n: Díórè ni orúkọ àwọn méjèèjì, bóòtì kan náà ló ń gbé wọn mọ́ férémù, ṣéènì sì ń gba inú àwọn méjèèjì kọjá láìsí ìjà. Fọ́tò kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kó béèrè. Ọ̀gá náà kò sì béèrè nǹkan kan.

Ó wọlé sára férémù wẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí jíà ni mo rí ìjà. Lórí jíà tó kéré jù, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo tẹ lífà lẹ́ẹ̀kan, ṣéènì gòkè ṣùgbọ́n ó ń họ ara mọ́ ẹ̀gbẹ́ jíà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó dúró sáàárín méjì, ó ń fò. Nígbà tí mo dé àárín, mo ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gun ẹyọ jíà kan. Mo fún wáyà le títí àárín fi dára, àwọn kékeré sì bàjẹ́. Mo dẹ̀ ẹ́, àwọn kékeré dára, àwọn ńlá kò tiẹ̀ ṣeé dé mọ́. Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó ní wáyà ti nà, mo ra wáyà. Ó ní rọ́bà tí wáyà ń gbà kọjá ti dí, mo ra rọ́bà. Ó ní ṣéènì ti gbó, mo ra ṣéènì. Níkẹyìn ó ní èmi ni kò mọ jíà yí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé kò fìgbà kankan wo lífà mi, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò le. Bí o bá tẹ lífà oníjíà mẹ́sàn-án ti Ṣimánò lẹ́ẹ̀kan, ó ń fa wáyà nǹkan bíi mìlímítà 2.5. Dìréélà tó bá a mu ń sọ ìfà yẹn di ìlọ́po 1.7 tàbí kó lé díẹ̀, ó sì ń sún tó nǹkan bíi mìlímítà 4.3. Láti àárín jíà ẹ̀yìn kan sí àárín èkejì kò ju mìlímítà 4.35 lọ, nítorí náà ṣéènì ń bọ́ síbi tó yẹ. RD-M610 jẹ́ ti jíà mẹ́wàá fún kẹ̀kẹ́ orí òkè, ìlọ́po 1.2 ni ó ń sọ ìfà wáyà dà, torí pé lífà tirẹ̀ ń fa wáyà jù bẹ́ẹ̀ lọ. So ó mọ́ lífà mi, mìlímítà 3 péré ni yóò sún. Ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ju mìlímítà kan dín. Tó bá fi máa di ìtẹ̀ kẹta, ohun tó ti dín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àlàfo ẹyọ jíà kan. Síkúrù tí a fi ń fún wáyà kò lè wo èyí sàn. Ó lè yí ibi tí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀ padà, kò lè mú kí ìṣísẹ̀ gùn sí i.

Àmì tí ọ̀gá náà ìbá fi mọ̀ rèé, kí ìwọ náà di í mú. Bí ariwo bá dọ́gba lórí gbogbo jíà, wáyà ló dẹ̀ tàbí ló le jù. Bí ó bá dára lórí èyí tó kéré jù, tó wá ń burú sí i ní ìtẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, lífà àti dìréélà kò bá ara wọn mu. Háńgà, ìyẹn irin kékeré lára férémù tí dìréélà ń kọ́ sí, lè ṣe ohun tó jọ ọ́ bó bá tẹ̀, ṣùgbọ́n háńgà kì í sábà mú kí o pàdánù odindi jíà kan.

Ní tìrẹ, wo ara lífà rẹ kí o tó sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ Ṣimánò fún jíà méje, ara rẹ balẹ̀: dìréélà wọn fún jíà mẹ́fà, méje, mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án ti kẹ̀kẹ́ orí òkè ń sún bákan náà, nítorí náà ti mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lè ṣiṣẹ́ fún ọ bí apá rẹ̀ bá gùn tó, tí o sì rí ìkọ́ fún un. Ti mẹ́wàá, sá fún un. Bí o bá rí ESP lára lífà, ti Sírámù, ilé iṣẹ́ mìíràn, nìyẹn, ó ń fa wáyà púpọ̀ ju ti Ṣimánò lọ, dìréélà tí wọ́n kọ ESP sí nìkan ló máa gbà.

Ohun mìíràn tí wọn kò ní sọ fún ọ: dìréélà kì í wọ sípóòkù láìba nǹkan mìíràn jẹ́. Ìkọ́ tìrẹ á ti tẹ̀, tuntun sì ń bá dìréélà wá, ìyẹn dára. Ẹni tí férémù rẹ̀ ní háńgà tó ṣeé tú kò ní irú oríire yẹn. Oríṣiríṣi háńgà ló wà, wọ́n sì jọra ju bó ṣe yẹ lọ. Kó tú u, kó tẹ́ ẹ sórí bébà pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó ya tojú-tẹ̀yìn, kó sì wọn láti àárín ihò bóòtì kan sí àárín èkejì. Bí o bá gbé dìréélà tuntun kọ́ sórí háńgà tó tẹ̀, yóò tún padà sínú sípóòkù.

Sípóòkù ńkọ́? Tẹ orí ba, wo ẹ̀yìn jíà tó tóbi jù. Èyí tí irin ti họ, tí o bá fi èékánná kàn án tí o sì rí i pé ibẹ̀ ti jin, yóò já lọ́jọ́ kan. O kò sì lè yọ ọ́ láìkọ́kọ́ yọ jíà, ibẹ̀ ni irú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín wíìlì, ti ṣe pàtàkì. Fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́ kì í sábà fi ìyàtọ̀ fríwíìlì àti kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn oríṣi ìdì jíà ẹ̀yìn méjì, hàn, bẹ́ẹ̀ kálukú á sọ̀rọ̀ bíi pé ó rí i. Yọ wíìlì, wá òrùka eléyín inú tí irinṣẹ́ ń wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin àárín, kí o yí jíà sẹ́yìn. Bí òrùka náà bá bá jíà yí, kásẹ́ẹ̀tì ni. Bí jíà bá ń yí tí òrùka náà dúró jẹ́ẹ́, fríwíìlì ni, tí wọ́n dè mọ́ họ́ọ̀bù bíi nọ́ọ̀tì. Ka eyín jíà tó kéré jù pẹ̀lú: 13 tàbí 14 wọ́pọ̀ lára fríwíìlì, 11 tàbí 12 lára kásẹ́ẹ̀tì. Bí tìrẹ bá lọ 14, 16, 18, 20, 22, 24, tó wá fò sí 34, fríwíìlì ni mo máa fi í pè, 34 yẹn ló sì jẹ́ kí n ní alápá gígùn ni kí o rà. Fríwíìlì ń fún ara rẹ̀ le ní gbogbo ìgbà tí o bá wa kẹ̀kẹ́, nítorí náà súpánà ọlọ́wọ́ gígùn lo máa nílò, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù àti irin ṣóńṣó gbá a.



Fọ́tò tí mo fẹ́ kí o yà kí o tó ra ohunkóhun: ẹ̀yìn dìréélà lẹ́yìn tí o bá ti fi aṣọ nù ún, níbi tí nọ́ńbà RD máa ń wà, ibi tí ìkọ́ ti pàdé férémù, ojú lífà, kí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ṣeé kà, àti jíà ẹ̀yìn láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ gan-an. Bí tuntun bá dé, gbé wíìlì ẹ̀yìn sókè, fi ọwọ́ ti dìréélà sí ìhà sípóòkù, kí o yí síkúrù tí wọ́n kọ L sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lára dìréélà títí tí kò fi lè kọjá abẹ́ jíà tó tóbi jù. Lẹ́yìn náà ni kí o tó de wáyà.